Báwo ni mo ṣe máa kọ òfin "ẹ má pẹ́" sínú mẹ́sẹ́ẹ̀jì ìránlétí tí kò ní dà bí ìjà?

Onídìrí Súrùlérè

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Irun ni mò ń dì, Súrùlérè ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, èmi àti ọmọṣẹ́ méjì. Orí Wọ́ọ̀sáàpù làwọn kọ́sítọ́mà ti máa ń búùkù, wọ́n á san 10,000 náírà sílẹ̀, tó bá wá di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú màá fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ kí wọ́n má bàa gbàgbé. Nọ́tílẹ́ẹ̀sì tó gùn dé ìdí máa ń gbà wá tó wákàtí mẹ́fà, nítorí náà ẹni aago mẹ́sàn-án tó bá yọjú ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ ti ba ti ẹni aago mẹ́ta jẹ́ nìyẹn, ẹni aago mẹ́ta á wá máa wò mí bíi pé èmi ni mo pẹ́. Ìdí tí mo fi gbé òfin kalẹ̀ nìyẹn. Ohun tí mò ń fi ránṣẹ́ rèé:

> ÀKÍYÈSÍ PÀTÀKÌ!!! Ẹ rántí pé ẹ ní irun lọ́la. Tẹ́ẹ bá fi 15 míníìtì pẹ́ a ò ní dì í mọ́. Tẹ́ẹ ò bá wá, owó tẹ́ẹ san ti lọ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má wá bẹ̀ wá o, ẹ bọ̀wọ̀ fún àkókò wa. Ọlọ́run á bùkún yín.

Kọ́sítọ́mà mi kan, tí kì í pẹ́ láyé ẹ̀, ló fèsì lálẹ́ ọjọ́ kan pé "Àǹtí, kí ni mo ṣe fún yín?" Òun ló jẹ́ kí n wá síbí. Mi ò fẹ́ yọ òfin yẹn kúrò o, ojú mi ti rí tó. Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi tún ṣe.

Bùkì Aláṣọ

Ẹ yọ gbogbo ọ̀rọ̀ òfin yẹn kúrò, ẹ kàn kọ "A ń retí yín lọ́la o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè dé" kẹ́ẹ fi ìmójì ẹ̀rín méjì sí i. Ẹni tó bá gbọ́n á mọ̀ pé kò yẹ kóun pẹ́. Èmi tí mò ń rán aṣọ, báyẹn ni mo ṣe ń ṣe é, ìjà kankan kì í sí.

Ìyá Gbàgede

Bùkì, aṣọ lè dúró sórí hángà títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Orí èèyàn ò lè dúró níbẹ̀. Tẹ́ẹ bá ní ká fi òfin pamọ́ nítorí kí mẹ́sẹ́ẹ̀jì lè dùn, ọjọ́ tẹ́ẹ bá fẹ́ lò ó nìjà máa wá ṣẹlẹ̀, á ní ẹ ò sọ fóun, òótọ́ ló sì máa sọ. Ẹ̀rín yẹn dára ṣá, ibi tẹ́ẹ fi òfin sí la máa jọ wò.

Ilé ìtọ́jú eyín kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo wà nídìí tábìlì iwájú tí mò ń gba búkìǹgì, ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ irú mẹ́sẹ́ẹ̀jì yìí. Onídìrí, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bi yín. Títí di ìgbà wo ni kọ́sítọ́mà yín lè yí ọjọ́ padà kí 10,000 yẹn má sọnù? Aago mélòó lálẹ́ lẹ sì ń fi ìránlétí ránṣẹ́?

Onídìrí Súrùlérè

Wákàtí 24 ṣáájú. Tí mo bá ti ṣíwọ́ ni mò ń fi ránṣẹ́, bíi aago mẹ́jọ alẹ́.

Ìyá Gbàgede

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó fẹ́ dì í ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, tẹ́ẹ bá rán an létí ní aago mẹ́jọ alẹ́, wákàtí 13 ló kù. Àyè àtiyí ọjọ́ ti kọjá láti àárọ̀ yẹn. Ohun tó ń kà ni pé owó ẹ̀ máa lọ tí ò bá wá, kò sì sí ohun tó lè ṣe sí i mọ́. Kódà kẹ́ẹ fi oyin kọ ọ́, á korò lẹ́nu onítọ̀hún, torí kì í ṣe ìránlétí mọ́, pańpẹ́ ni.

Ẹ kọ́kọ́ sún un síwájú. Ẹni tí irun ẹ̀ bá jẹ́ Sátidé, kí mẹ́sẹ́ẹ̀jì tí òfin wà nínú ẹ̀ dé ọwọ́ ẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láàárọ̀. Ó ṣì ní odidi ọjọ́ kan láti wo kàlẹ́ńdà, láti bi ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́, láti sọ fún yín. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ẹ fi èkejì ránṣẹ́, kúkúrú, aago àti àdírẹ́sì nìkan. Ẹ má dárúkọ òfin nínú ìyẹn rárá, torí ẹni tó kà á lọ́jọ́ yẹn ń bọ̀, ẹ má tún máa fi owó halẹ̀ mọ́ ọn.

Ohun kejì, ẹ má kọ "wákàtí 24." Èèyàn kì í ka wákàtí sẹ́yìn. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago gan-an: "kí aago 9 àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó lù." Báyẹn, kò sí àríyànjiyàn pé ṣé lálẹ́ ni àbí láàárọ̀.

Dérè Ìkòròdú

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ṣá, ẹ̀yin onídìrí gan-an lẹ máa ń pẹ́! Mo jí ní aago márùn-ún láti Ìkòròdú, mo dé ṣọ́ọ̀bù kan ní aago mẹ́jọ bí wọ́n ṣe sọ, ilẹ̀kùn tì pa, aago mọ́kànlá lobìnrin náà dé tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín, ó tún ní kí n lọ ra àtáṣímẹ́ǹtì wá torí èyí tóun ní ti tán. Ẹ̀yin lẹ tún ń bèèrè bẹ́ẹ ṣe máa fowó jẹ àwa tá a bá pẹ́?

Onídìrí Súrùlérè

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣùgbọ́n kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn, aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni mo máa ń ṣí.

Ìyá Gbàgede

Bó tiẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ohun tí Àǹtí bèèrè ni Dérè sọ, mi ò ní fò ó. Lára ohun tó ń bí kọ́sítọ́mà nínú nípa òfin yìí ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà. Tẹ́ẹ bá kọ gbólóhùn kan pé "Táwa náà bá jẹ́ kẹ́ẹ dúró ju 20 míníìtì lọ, a ó yọ 2,000 kúrò nínú owó yín," gbogbo ìyókù á fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ tẹ́ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní lè ṣe é. Níbi iṣẹ́ wa, dókítà eyín lè bá ohun tí ò rò pàdé nínú ẹnu èèyàn, nítorí náà a ò lè ṣèlérí owó, ohun tá a ń kọ ni pé tó bá máa ju 20 míníìtì lọ a ó pè yín kẹ́ẹ tó kúrò nílé. Ẹ mú èyí tágbára yín ká.

Dérè Ìkòròdú

Ẹni tó bá kọ ìyẹn sí mi, màá dé ní aago mẹ́jọ kó tó ṣí 😂

Ògbóǹtarìgì Owó

Èmi rò pé ẹ ń fi ọ̀rọ̀ yí ọ̀rọ̀ ni. Ẹ fi owó sí i ní tààràtà: 10 míníìtì kan, 1,000 náírà. 20 míníìtì, 2,000. Kò sí ìbínú níbẹ̀, mátímátíìkì ni. Ẹni tó bá pẹ́ á san, ẹ̀yin náà á rí nǹkan fi pa ojú rẹ́.

Ìyá Gbàgede

Ó dà bíi pé ó mọ́gbọ́n dání, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún un. Àwọn olùwádìí méjì, Gneezy àti Rustichini, dán nǹkan tó jọ ọ́ wò ní àwọn ilé ìtọ́jú ọmọdé 10 nílùú Haifa lórílẹ̀-èdè Israel, ìwé wọn jáde lọ́dún 2000. Àwọn òbí máa ń pẹ́ wá mú ọmọ, wọ́n wá bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá fi ju 10 míníìtì pẹ́ láwọn ilé kan níbẹ̀. Dípò kí àwọn tó ń pẹ́ dín kù, ńṣe ni wọ́n pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n mú owó náà kúrò, wọn ò padà sí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ojú máa ń ti òbí pé òun dá tíṣà dúró. Nígbà tí owó dé, ó di pé ó ra àkókò yẹn ni, kí ló kù tí ojú máa tì í fún?

Nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ti san 2,000 máa jókòó pẹ̀lú ìgboyà. Ẹni aago mẹ́ta tó ń dúró kò sì rí kọ́bọ̀ nínú 2,000 yẹn. Àkókò lẹ nílò, ẹ bèèrè àkókò.

Ògbóǹtarìgì Owó

Israel kọ́ lèyí o, Èkó ni. Níbí, 2,000 ń dun èèyàn.

Ìyá Gbàgede

Tó bá dùn ún tó, kò ní padà wá mọ́ nìyẹn. Mi ò sọ pé kò lè ṣiṣẹ́ níbì kankan o, mo ní òun kọ́ ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Pẹ́kámù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, iṣẹ́ gbígba aláìsàn wọlé ni mò ń ṣe lábẹ́ NHS, àjọ ìlera ti ìjọba níbí. Wọ́n dán oríṣi tẹ́síìtì ìránlétí wò níbí láwọn ilé ìwòsàn Barts, ìwádìí yẹn jáde ní 2015. Wọ́n fi oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ọjọ́ àti aago ò yí padà, gbólóhùn kan péré ló ń yàtọ̀. Àwọn tó gba ti àtijọ́, nínú 100, bíi 11 ni ò wá. Àwọn tí wọ́n kọ sí pé tẹ́ẹ ò bá wá, ó ń ná NHS ní nǹkan bíi 160 pọ́n-ùn, bíi 8 ni ò wá. Ẹ kíyè sí i pé wọn ò bu owó kankan lé aláìsàn. Wọ́n kàn jẹ́ kó mọ ohun tí àìwá ẹ̀ ń bàjẹ́ gan-an ni. Gbólóhùn míì tí wọ́n dán wò ń sọ pé àwọn tó pọ̀ jù ló ń wá, ìyẹn náà ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, kò tó ti owó.

Onídìrí Súrùlérè

Ṣé kí n wá kọ ọ́ pé "Tẹ́ẹ ò bá wá, mo pàdánù 35,000"? Á dà bíi pé mò ń tọrọ owó o.

Ọmọ Pẹ́kámù

Bẹ́ẹ̀ ni, tẹ̀yin yàtọ̀. Owó ìlú ni ti NHS, gbogbo wa la ń san owó orí sí i, nítorí náà àánú ẹ̀ ṣeé ṣe. Tìrẹ, àpò ìwọ gan-an ló ń lọ. Mi ò mọ̀ bóyá á ṣiṣẹ́ bákan náà.

Ìyá Gbàgede

Ẹ má mẹ́nu ba 35,000 rárá. Ohun tẹ́ẹ lè mú níbẹ̀ ni pé ìdí tó ṣeé fojú rí sàn ju "ẹ bọ̀wọ̀ fún àkókò wa" lọ. Ìdí tẹ̀yin ti wà nílẹ̀: ẹnì kan ń bọ̀ ní aago mẹ́ta. Ẹ kọ ọ́ báyẹn. Kọ́sítọ́mà yín mọ bó ṣe ń rí kéèyàn jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù kó máa wo orí ẹlòmíì, ó ti ṣe é rí. "Ẹ bọ̀wọ̀ fún àkókò wa" ní tiẹ̀, ẹ̀sùn ni, ẹni tí ò ṣẹ̀ lẹ sì ń fi kàn.

Ẹ jẹ́ n wá tú mẹ́sẹ́ẹ̀jì yín palẹ̀ báyìí.

"ÀKÍYÈSÍ PÀTÀKÌ" pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, ẹ yọ ọ́. Ìlà àkọ́kọ́ ló máa ń hàn lójú fóònù tí mẹ́sẹ́ẹ̀jì bá wọlé, kí ìlà yẹn jẹ́ orúkọ onítọ̀hún àti ọjọ́ irun ẹ̀. Ẹ wò ó, nínú mẹ́sẹ́ẹ̀jì tẹ́ẹ kọ sókè yẹn, aago kò sí níbẹ̀! Ẹ ń halẹ̀ mọ́ èèyàn pé kó má fi 15 míníìtì pẹ́, ẹ ò sọ aago tó máa fi pẹ́.

"A ò ní dì í mọ́" ló burú jù, torí pé ó parí síbẹ̀. Ẹni tó ti wà lórí afárá Third Mainland, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dá dúró, tó bá rántí gbólóhùn yẹn á yí padà sílé, kò tiẹ̀ ní pè yín, torí kí ló fẹ́ pè fún? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ẹni tó kàn pẹ́ di ẹni tí ò wá. Ẹ fún un ní ohun tó ṣì lè rí gbà. Àǹtí, ẹni tó bá dé ní aago mẹ́wàá ku ogún, kí lẹ lè ṣe fún un tí ò ní pa ti aago mẹ́ta lára?

Onídìrí Súrùlérè

Tí mo bá la ìpín ẹ̀ tóbi díẹ̀, ó lè dín wákàtí kan sí méjì kúrò. Tàbí kí ó dé èjìká dípò ìdí. Tí ọmọṣẹ́ mi kejì ò bá ní ẹni lọ́wọ́, a lè jọ dì í. Tó bá lé ní aago mẹ́wàá ṣá, ọjọ́ míì ló kù.

Ìyá Gbàgede

Ẹ ò rí i? Ẹ ní ìdáhùn mẹ́ta, ẹ ò fi ọ̀kankan sínú mẹ́sẹ́ẹ̀jì. Èyí tó ṣẹ́ kù ni àdúrà tó wà nísàlẹ̀. Èmi fẹ́ràn àdúrà, àmọ́ "owó ti lọ nìyẹn, ẹ má wá bẹ̀ wá, Ọlọ́run á bùkún yín", kò dún bí àdúrà mọ́ o, ó dún bí ìgbà téèyàn ń ti àlejò síta.

Bí èmi bá máa kọ ọ́ rèé, ká ní irun Sátidé aago mẹ́sàn-án ni, ẹ fi ránṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ láàárọ̀:

> Ẹ kú àárọ̀ o Àǹtí Bísí. Sátidé yìí, aago 9 àárọ̀ ni irun yín, nọ́tílẹ́ẹ̀sì tó dé ìdí, ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Súrùlérè.
>
> Tí ọjọ́ yẹn ò bá rọrùn mọ́, ẹ fèsì sí mẹ́sẹ́ẹ̀jì yìí kí aago 9 àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó lù. A ó jọ mú ọjọ́ míì, 10,000 tẹ́ẹ san á tẹ̀ lé e.
>
> Irun yín máa gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, ẹlòmíì sì ń bọ̀ ní aago 3. Tí ọ̀nà bá dí, ẹ pè wá. Títí di aago 9:20, kò sí wàhálà. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, a lè la ìpín tó tóbi díẹ̀ kó lè tètè parí. Lẹ́yìn aago 10, ọjọ́ míì la máa mú.
>
> Tí a ò bá rí yín tí a ò sì gbúròó yín di aago 10, 10,000 yẹn la ó fi dípò àkókò tá a tọ́jú fún yín.
>
> Táwa náà bá jẹ́ kẹ́ẹ dúró ju 20 míníìtì lọ, a ó yọ 2,000 kúrò nínú owó yín.

Òfin ò dín kù, ó tiẹ̀ pọ̀ sí i. Ohun tó yí padà ni pé gbogbo ibi tí nǹkan ti lè dààmú, ohun tí kọ́sítọ́mà lè ṣe wà níbẹ̀. Ẹ tún wo "la ó fi dípò àkókò", ó ń sọ ibi tí owó yẹn lọ. "Owó yín ti lọ" kàn ń sọ pé ẹnì kan gbà á.

Bùkì Aláṣọ

Ó dára o, ṣùgbọ́n ó gùn jàre. Ta ló máa kà á tán?

Táyé Ẹlẹ́rọ

Lórí Wọ́ọ̀sáàpù kò gùn. Lórí tẹ́síìtì lásán ni ìṣòro máa wà, ẹ jẹ́ n kìlọ̀ torí mò ń bá àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ṣètò tẹ́síìtì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ewé tẹ́síìtì kan máa ń gba lẹ́tà 160, tó bá ju ojú ewé kan lọ ó di 153 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n tí ẹyọ ẹ tàbí ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo bá wọ inú ẹ̀, gbogbo mẹ́sẹ́ẹ̀jì náà bọ́ sí 70, tó bá gùn, 67. Mẹ́sẹ́ẹ̀jì lẹ́tà 300 tí ò bá ní àmì jẹ́ ojú ewé méjì, tó bá ní àmì ó di márùn-ún, owó márùn-ún lẹ máa san. Àmì náírà, ₦, náà ń ṣe é, ẹ kọ "N10000" tàbí "naira".

Nítorí náà, Wọ́ọ̀sáàpù ni kẹ́ẹ fi ti Ọjọ́bọ̀ ránṣẹ́. Tẹ́síìtì lásán, tí ẹnì kan ò bá sí lórí Wọ́ọ̀sáàpù, báyìí ni kẹ́ẹ kọ ọ́ láìsí àmì:

```
E kaaro Anti Bisi. Irun yin: Satide, aago 9 aaro, Surulere. Te e ba fe yi ojo, e pe wa ki aago 9 aaro Jimo to lu, owo yin a tele e.
```

Ojú ewé kan ni. Ẹ pe onítọ̀hún lórí fóònù fún ìyókù.

Ohun kan tún nìyẹn, ẹ má lo broadcast Wọ́ọ̀sáàpù fún ìránlétí. Ẹni tí ò bá tíì fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù ẹ̀ kò ní rí i, kọ́sítọ́mà tuntun ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì máa ń jẹ́, òun gan-an ni ò tíì mọ òfin yín. Ẹ fi í sínú quick replies ní WhatsApp Business, kẹ́ẹ kàn máa yí orúkọ àti aago padà kẹ́ẹ tó fi ránṣẹ́.

Onídìrí Súrùlérè

Háà, àwọn tuntun! Ìdí nìyẹn táwọn kan fi máa ń sọ pé àwọn ò rí nǹkankan, mo rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa.

Lọ́yà Àdúgbò

Ẹ jẹ́ n fi ẹsẹ̀ kan wọlé. Òfin ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, fún ẹni tó búùkù nǹkan sílẹ̀ láyè láti fagi lé e. Ó sì fún ẹ̀yin náà láyè láti gba owó tó bá bọ́gbọ́n mu fún un. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó bọ́gbọ́n mu, lára ohun tí wọ́n máa wò ni bó ṣe tètè sọ fún yín tó, àti bóyá ẹ ṣì lè rí ẹlòmíì fi sí àyè yẹn. Nítorí náà, tẹ́nì kan bá sọ fún yín ní ọ̀sán Jímọ̀, tẹ́ẹ wá rí ẹlòmíì fún aago mẹ́sàn-án Sátidé, tẹ́ẹ tún gbé 10,000 ẹ̀ mì, ọwọ́ yín ò mọ́. Ẹ kọ ọ́ sí i pé tá a bá rí ẹni dípò yín, a ó dá owó yín padà.

Ògbóǹtarìgì Owó

Ẹ fẹ́ kó máa ṣe ìṣirò fún gbogbo ayé.

Ìyá Gbàgede

Lọ́yà tọ̀nà, àmọ́ mi ò ní kọ ìyẹn sínú ìránlétí, ọ̀rọ̀ á ti pọ̀ jù. Ibi tó yẹ kó wà ni mẹ́sẹ́ẹ̀jì tẹ́ẹ fi ránṣẹ́ kó tó ṣe tiransifáà owó àkọ́kọ́ yẹn. Gbogbo òfin yẹ kó ti wà níbẹ̀ ná, lódindi, kó sì fèsì pé òun ti kà á. Ìránlétí kì í ṣe ibi téèyàn ti máa ń kọ́kọ́ gbọ́ òfin. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, lẹ́yìn tí owó ẹ̀ ti wọ àpò yín, bó ṣe wù kẹ́ẹ kọ ọ́ tó, inú á bí i, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ọmọ Pẹ́kámù

Èmi ní iyèméjì nípa "títí di 9:20 kò sí wàhálà" yẹn. Ẹ̀yin ẹ mọ àwa Yorùbá. Ẹ sọ 9:20 fún wa, aago mẹ́sàn-án ti di 9:20 nìyẹn, àá wá máa pẹ́ sí 9:20.

Dérè Ìkòròdú

Èmi á ṣe é, mi ò ní parọ́.

Ìyá Gbàgede

Ó lè ṣẹlẹ̀. Ní ti wa, a gbìyànjú ẹ̀ lọ́nà méjèèjì. Tá ò bá kọ ọ́, àwọn tí ojú ń tì máa ń padà sílé nítorí míníìtì márùn-ún, àwọn tí ojú ò tì á wá nígbà tó wù wọ́n. Tá a bá kọ ọ́, àwọn kan á máa lò ó ní tòótọ́. Èmi yàn láti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń dé ní 9:18 lójoojúmọ́, kó yọ ọ́ kúrò nínú mẹ́sẹ́ẹ̀jì, kó kàn fi "tí ọ̀nà bá dí, ẹ pè wá" sílẹ̀, kó sọ ti 9:20 fún ẹni tó bá pè.

Bùkì Aláṣọ

Ẹni tó bá pẹ́ kọjá aago mẹ́wàá ńkọ́, tó pè, tẹ́ẹ wá mú ọjọ́ míì? 10,000 ẹ̀ ṣì wà àbí ó ti lọ? Mẹ́sẹ́ẹ̀jì yẹn ò sọ.

Onídìrí Súrùlérè

Tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, mo máa ń jẹ́ kó tẹ̀ lé e. Ìgbà kejì, rárá.

Ìyá Gbàgede

Ẹ má kọ ti ìgbà àkọ́kọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín, kẹ́ẹ lè fi ṣàánú. Tẹ́ẹ bá kọ ọ́, ó di ẹ̀tọ́, gbogbo èèyàn á ti lo ti wọn kẹ́rùn tó dé.

Lọ́yà Àdúgbò

Mi ò fara mọ́ ìyẹn. Àánú tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ nípa ẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ yín nìkan ló máa jẹ ẹ́. Ẹni tó bá jẹ́ àjèjì á san, ẹni tẹ́ẹ jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ò ní san, wọ́n á sì bára wọn sọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yín gan-an, nígbà tẹ́ẹ ń dì wọ́n lórí. Ẹ kọ ọ́.

Ìyá Gbàgede

Ẹ ti sọ tiyín, èmi náà ti sọ tèmi.

Onídìrí Súrùlérè

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kó ti Ọjọ́bọ̀ yẹn sínú quick replies, mo yọ ti 9:20 kúrò ná torí mo mọ àwọn èèyàn mi, mo sì fi ti 2,000 síbẹ̀, ọmọṣẹ́ mi ti ń ráhùn. Ti ìgbà àkọ́kọ́ ṣì ń ṣe mí ní kọ́nú-n-kọ́họ, mi ò tíì mọ èyí tí màá ṣe. Ó ku ẹnì kan o. Ìyá ọkọ mi máa ń wá dirun ní ìparí oṣù, aago mẹ́wàá ni mo máa ń fún wọn, ọ̀sán gangan ni wọ́n máa ń dé. Ṣé káwọn náà gba mẹ́sẹ́ẹ̀jì yìí?

Dérè Ìkòròdú

😂😂😂 ẹ fi ránṣẹ́ ká jọ gbọ́ àbọ̀.

Ìyá Gbàgede

Ẹ má dán an wò. Ẹ fi aago mẹ́wàá yẹn fún ẹlòmíì tí irun ẹ̀ kéré, kẹ́ẹ kọ orúkọ Màmá sí aago kan ọ̀sán nínú ìwé yín. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ kí wọn dáadáa, kẹ́ẹ ní aago mẹ́wàá lẹ ń retí wọn.

Ọmọ Pẹ́kámù

Tí wọ́n bá wá lọ dé ní aago mẹ́wàá lóòótọ́ ńkọ́?

Ìyá Gbàgede

Ẹ yọ 2,000 fún wọn.